Igi ìṣeéṣe: obì mẹ́ta láìdá ọ̀kankan padà

*Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Obì gbàǹja méjìlá wà nínú àpò, méje pupa, márùn-ún funfun. Wọ́n ní ká mú mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan láìdá èyí tí a mú padà, ká wá ìṣeéṣe pé méjì péré nínú wọn ló máa funfun. Mo ya igi, mo rí 7/66, àmọ́ 7/22 ló wà lẹ́yìn ìwé. Kí ni mo fi sílẹ̀? Láti Ọ̀mù-Àrán.*

Àbúrò, 7/66 tó o rí yẹn, ẹ̀ka kan lórí igi rẹ ni. O ṣírò rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ̀ka méjì mìíràn wà tí ìdáhùn wọn bá ìbéèrè mu, tó ò kà mọ́ ọn. Lóòótọ́, tó o bá sọ 7/66 di ìlọ́po mẹ́ta, 7/22 lo máa rí. Má tíì ṣe bẹ́ẹ̀ ná. Jẹ́ ká gbà á láti ìdí igi, kó o lè rí ibi tí mẹ́ta yẹn ti wá, torí ìbéèrè míì wà tí kì í ṣe mẹ́ta ló máa jẹ́.

Lo odidi ojú ìwé kan, kó o sì fi pẹ́ńsù yà á láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ìmú mẹ́ta máa yọ ẹ̀ka méjì, ó máa di mẹ́rin, ó máa di mẹ́jọ. Tó o bá há mẹ́jọ yẹn mọ́ igun ìwé, wàá ka nọ́ńbà ẹ̀ka kan mọ́ òmíràn. Jẹ́ kí P dúró fún pupa, kí F dúró fún funfun.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ ṣe torí ó dà bí àfikún iṣẹ́, ni pé kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹ́ kù nínú àpò sí gbogbo oríta igi náà kí wọ́n tó kọ ìdá kankan. Ní ìdí igi, kọ 7P 5F. Tí ìmú kìíní bá jẹ́ pupa, ohun tó kù ni 6P 5F. Tó bá jẹ́ funfun, ohun tó kù ni 7P 4F. Lẹ́yìn ìmú méjì, PP fi 5P 5F sílẹ̀, PF fi 6P 4F sílẹ̀, FP náà fi 6P 4F sílẹ̀, FF sì fi 7P 3F sílẹ̀. Tó o bá ti kọ ìwọ̀nyí, kò sí ohun tó o tún fẹ́ máa fi orí rò. Láti 6P 5F, àpapọ̀ jẹ́ mọ́kànlá, nítorí náà ẹ̀ka pupa gba 6/11, ẹ̀ka funfun gba 5/11.

Ibí gan-an ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Àwọn kan máa ń dín nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kù, wọ́n á gbàgbé ti òkè: wọ́n á kọ 5/12, wọ́n á tún kọ 5/11 fún funfun kejì, bí ẹni pé funfun àkọ́kọ́ ṣì wà nínú àpò. Àwọn míì á dín tòkè kù níbi tí kò yẹ: pupa ni wọ́n mú, síbẹ̀ wọ́n kọ 4/11 fún funfun. Iye funfun kì í dín kù àfi tí a bá mú funfun. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá o ti ṣìnà, ro ìdá méjì tó jáde láti oríta kan náà pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. 7/11 àti 4/11 jẹ́ 11/11. Tí oríta kan bá fún ọ ní 10/11 tàbí 12/11, padà síbẹ̀.

Ó tún kù kan. Má dín 6/10 kù sí 3/5 lórí igi. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ka lè parí sí ìsàlẹ̀ kan náà, ìyẹn 12 × 11 × 10, tó jẹ́ 1320. Wàá rí i pé èyí á gbà ọ́ lọ́wọ́ wàhálà nígbà ìròpọ̀.

Wàyí o, wo ṣóńṣó ẹ̀ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kó o fi àmì sí gbogbo èyí tó ní F méjì péré. FFP wà níbẹ̀, FPF wà níbẹ̀, PFF náà wà níbẹ̀. FFP nìkan ni mo rò pé ìwọ ṣírò. Ọ̀nà kan náà la fi ń ṣírò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a máa sọ ìdá tó wà lójú ọ̀nà di púpọ̀ mọ́ra wọn:

```
FFP: 5/12 × 4/11 × 7/10 = 140/1320
FPF: 5/12 × 7/11 × 4/10 = 140/1320
PFF: 7/12 × 5/11 × 4/10 = 140/1320
```

Ṣàkíyèsí pé 5, 4 àti 7 ló wà lókè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n kàn pààrọ̀ àyè ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dọ́gba. Ìwọ lè sọ pé obì tó wà lọ́wọ́ ẹni náà kò yàtọ̀, funfun méjì àti pupa kan ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà dé ibẹ̀, a ò sì lè gba méjì nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ńṣe la máa rò wọ́n pọ̀:

```
140/1320 + 140/1320 + 140/1320 = 420/1320
```

Yọ òdo kọ̀ọ̀kan kúrò, ó di 42/132. Fi 6 pín òkè àti ìsàlẹ̀, ó di 7/22.

Tí àyè bá wà nínú ìdánwò, yẹ gbogbo igi wò. PPP jẹ́ 210. Ẹ̀ka mẹ́ta tó ní funfun kan péré jẹ́ 210 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di 630. Tiwa jẹ́ 420. FFF jẹ́ 5 × 4 × 3, ìyẹn 60. Ro wọ́n pọ̀: 210 + 630 + 420 + 60 jẹ́ 1320 géérégé. Tí kò bá pé 1320, ẹ̀ka kan ti sọnù tàbí o ti ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nísinsìnyí, ka gbólóhùn ìbéèrè dáadáa kó o tó pinnu iye ẹ̀ka tó o máa fi àmì sí. Ká ní wọ́n sọ pé àkọ́kọ́ jẹ́ pupa, méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ funfun, PFF nìkan ló bá a mu, 7/66 rẹ á sì pé. Ká ní wọ́n sọ pé "ó kéré tán, méjì funfun," FFF á wọlé, ó máa di 480/1320, ìyẹn 4/11. Ọ̀rọ̀ náà "péré" ló lé FFF jáde nínú tìrẹ.

Ohun kan tí ìbéèrè gbà láìsọ ni pé ọwọ́ kò lè fi funfun mọ̀ yàtọ̀ sí pupa. Oníobì ní Ọjà Ọba n'Ílọrin máa ń fi ọwọ́ ṣa ńlá kúrò lára kékeré. Tí funfun inú àpò bá tóbi ju pupa lọ, àwọn ìdá wọ̀nyí kò ní dúró mọ́.

Tí wọ́n bá sì ní ká máa dá obì padà sínú àpò lẹ́yìn ìmú kọ̀ọ̀kan, gbogbo oríta á máa jẹ́ 7P 5F, ìdáhùn á sì jẹ́ 525/1728, ìyẹn 175/576. Ó sún mọ́ 7/22 débi pé ojú kò ní tètè rí ìyàtọ̀: ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 0.304, èkejì 0.318. Nítorí náà, máa wo ìsàlẹ̀ kó o tó dín in kù. 1728 jẹ́ 12 × 12 × 12, ó túmọ̀ sí pé o ti ń dá obì padà láìmọ̀.