Bọ́ọ̀dù sẹ́ńsọ̀ tuntun tí kò fọhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jó bọ́ọ̀dù kan tí sẹ́ńsọ̀ BME280 wà lórí rẹ̀, I2C ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Iná ń wọ̀ ọ́, àmọ́ kò gbé òǹkà kankan jáde. Mo ní mọ́ltímítà àti lọ́jíìkì ánáláísà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ pa iná ná. Ẹ yí mítà sí ibi tó máa ń dún, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan 3V3 àti GND. Bó bá ń dún láìdákẹ́, lẹ́ẹ̀dì tí ẹ fi jó o ti da àwọn méjèèjì pọ̀ níbì kan, ẹ má tan án o. Bó bá kàn dún fìrí tó sì dákẹ́, kapásítọ̀ ló ń gba iná díẹ̀ lára mítà, kò sí aburú níbẹ̀.

Tí ẹ bá tan án, kapásítọ̀ tó sún mọ́ sẹ́ńsọ̀ jù lọ ni kí ẹ ti wọn 3.3 V, kì í ṣe ibi tí iná ti ń wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn SDA àti SCL, ojú ọ̀nà méjì tí I2C ń gbà, nígbà tí ètò kò ṣiṣẹ́. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 3.3 V. Fífà wálẹ̀ nìkan ni ṣíìpù lè fà wọ́n; rẹsísítọ̀, bíi 4.7 kΩ, ló ń gbé wọn padà sókè. Bí ọ̀kan bá wà nítòsí 0 V, rẹsísítọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà bóyá ó ti kan GND.

Bí fóltì bá pé, ó di ọwọ́ ánáláísà. Ẹ so GND rẹ̀ mọ́ ti bọ́ọ̀dù, ẹ so ojú méjì mọ́ SDA àti SCL. Bí I2C bá ń sáré ní 100 kHz, kí ánáláísà máa kà á ní 2 MHz. Báìtì àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò. Bí ẹsẹ̀ SDO bá wà lára GND, àdírẹ́ẹ̀sì sẹ́ńsọ̀ ni 0x76, ṣùgbọ́n 0xEC lẹ lè rí, nítorí bíìtì ìkọ̀wé ti so mọ́ ọn lẹ́yìn. Èyí ti rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Bó bá jẹ́ 0xEE lẹ rí, 0x77 ni ètò yín ń pè: ilé ẹlòmíì ló ń kàn. Bíìtì kẹsàn-án ni ìdáhùn sẹ́ńsọ̀. Bí SDA bá wálẹ̀ níbẹ̀, ó ti dá yín lóhùn nìyẹn. Bó bá dúró sókè, NAK nìyẹn: kò dáhùn.

Ká ní 0xEC ni, tí NAK sì tẹ̀ lé e: ẹsẹ̀ CSB ni mo máa fura sí. Ó gbọ́dọ̀ wà ní 3.3 V. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ láìso, ó lè wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá sì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, sẹ́ńsọ̀ máa gbà pé SPI là ń lò, kò ní gbọ́ I2C mọ́ àfi tí ẹ bá pa iná rẹ̀ tí ẹ tún un tàn. Nítorí náà, títún ètò bẹ̀rẹ̀ lásán kò ràn án. Ẹ rántí pé abẹ́ ṣíìpù yìí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà: mítà lè rí 3.3 V lórí ojú ọ̀nà CSB, kí lẹ́ẹ̀dì má sì mú ẹsẹ̀ náà rárá. Ẹ fi fílọ́ọ̀sì díẹ̀ sí i, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ gbígbóná tún un jó.

Bó bá wá dá yín lóhùn, ẹ ka rẹ́jísítà 0xD0, ibẹ̀ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ṣíìpù wà. 0x60 ni BME280. 0x58 ni BMP280, tí kì í wọn ọ̀rinrin. Bó bá jẹ́ 0x60, tí òǹkà ooru kò kúrò ní 0x80000, kò tíì wọn nǹkan kan: oorun ló ń sùn. Ẹ kọ 0x27 sí rẹ́jísítà 0xF4, yóò jí.