Bí a ṣe ń palẹ̀ ọjọ́ mọ́ kí oorun tó dé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù tán, orí Wásáàpù ni mo ṣì máa ń wà pẹ̀lú àwọn kọ́sítọ́mà títí aago 11 á fi lù. Ọmọ mi ti bá mi yí ojú fóònù sí àwọ̀ ọsàn, síbẹ̀ oorun kì í tètè gbé mi lọ. Bí mo bá ti forí lé ìrọ̀rí, iṣẹ́ ọ̀la á máa tò wọlé. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, kí ló sì yẹ kó tẹ̀lé e?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ yín ṣe dáadáa, àmọ́ àwọ̀ yẹn nìkan kò lè gbé e. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú lálẹ́ máa ń jẹ́ kí ọpọlọ rò pé ilẹ̀ ò tíì ṣú, kò sì ní tètè tú mẹlatonín, èròjà tó ń pe oorun, sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọ̀ búlúù inú ìmọ́lẹ̀ ló ń fa èyí jù, òun ni àwọ̀ ọsàn sì ń dín kù. Ṣùgbọ́n bí ojú fóònù bá ṣì mọ́lẹ̀ rokoṣo, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ní pọ̀. Ẹ fa ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ wálẹ̀. Ohun tí ẹ ń kà sì tún wà níbẹ̀: kọ́sítọ́mà tó kọ̀wé láago 10:45 pé "Mà, àwọ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe kọ́ nìyí," àwọ̀ ọsàn wo ló fẹ́ bá ìyẹn ṣe?

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dágbére fún kọ́sítọ́mà, kí ìwé ọ̀la tẹ̀lé e, kí dídín iná kù wá gbẹ̀yìn. Òdìkejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe: wọ́n á dín iná kù tán, wọ́n á tún máa dá èsì padà nínú òkùnkùn.

Ká ní aago 5:30 lẹ máa ń jí. Kí oorun yín tó lè pé wákàtí 7, ó yẹ kí ẹ ti sùn láago 10:30. Ẹ ti ọjà orí fóònù láago 9. Bó bá jẹ́ WhatsApp Business lẹ ń lò, ẹ kọ wákàtí iṣẹ́ yín síbẹ̀, kí ẹ wá wọ "Business tools", ẹ tẹ "Away message", ẹ kọ "A ti palẹ̀ mọ́ lónìí, ẹ ó gbọ́ wa láago 8 àárọ̀," kí ẹ sì yan "Outside of business hours". Ẹ má pa dátà o, torí èsì náà kò ní lọ bí fóònù ò bá sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kàn pa ohùn rẹ̀, kí ẹ fi í sí pálọ̀. Ẹ ó ní òun náà ni tọ́ọ̀ṣì yín bí NÉPÀ bá mú iná lọ. Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì kékeré àti aago tó ń dún, kí fóònù má baà rí àwáwí wọ yàrá.

Láago 9:20, ẹ mú ìwé àti bírò. Ní 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Baylor ní Amẹ́ríkà ní kí ọ̀dọ́ 57 fi ìṣẹ́jú 5 kọ̀wé kí wọ́n tó sùn. Àwọn tó kọ iṣẹ́ tó ń bọ̀ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 9 sùn ṣáájú àwọn tó kọ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Bí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó ń bọ̀ bá sì ṣe kún tó, bẹ́ẹ̀ ni oorun ń yá tó.

Ọ̀rọ̀ kíkún yìí ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Bí ẹ bá kọ "Ìbàdàn, aró, gbèsè," ọpọlọ yín kò ní jọ̀wọ́ wọn, torí ẹ kò tíì sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí wọn. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

Aago 8: di yáàdì 5 ti oníbàárà Ìbàdàn, gbé e lọ sí gáréèjì.
Aago 10: ra háídírósì àti kọ́sítíìkì ní Ọjà Ọba.
Ọ̀sán: pe Ìyá Ìbejì, béèrè ọjọ́ tí yóò san ìyókù owó.

Mẹ́ta ti tó, ó pọ̀ tán mẹ́rin. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé ẹ̀yìn. Kì í ṣe ti ọ̀la. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ tán tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣì ń yí lórí yín, ẹ wo ìlà rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ ó sábà rí i pé orúkọ nǹkan lẹ kọ, ẹ ò kọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe.

Lẹ́yìn ìwé, ẹ pa gílóòbù ńlá, ẹ fi kékeré sílẹ̀, ẹ wẹ̀, ẹ to aṣọ ọ̀la. Bí oorun ò bá dé lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ dìde jókòó síbòmíràn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ títí ojú yóò fi wúwo. Ẹ má ṣe lọ wo fóònù ní pálọ̀.

Àìróorunsùn tó bá ń ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, tó sì ti pé oṣù mẹ́ta, ti kọjá ohun tí ìwé àti bírò lè ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ń hanrun kíkankíkan, tó sì ń tòògbé lójú ọ̀sán. Ẹ lọ rí dókítà.