Láti ìsàlẹ̀ ni kí o ti ro ìwé ohun tó fa ikú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Háòsì ọ́fíísà ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Bàbá ẹni ọdún 71 kan kú ní wọ́ọ̀dù wa. Jẹjẹrẹ pírósítéètì, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹsẹ̀ rírọ, egbò ìdí, ibà, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú fáìlì. Àwọn ọmọ ń kán mi lójú pé àwọn fẹ́ sin bàbá kí Àsárì tó kọjá, ni mo bá kọ “ọkàn dáṣẹ́ dúró” sókè, mo to ìyókù tẹ̀ lé e bí mo ṣe bá wọn. Ọ̀gá mi dá ìwé náà padà. Báwo ló ṣe yẹ kí n tò ó?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìwé yìí kò ní kí o ka gbogbo àìsàn tó wà lára bàbá. Ohun tó ń béèrè ni pé, kí ló pa wọ́n? Kí ló fa èyí tó pa wọ́n? Kí ló tún fa ìyẹn? Wàá máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí wàá fi dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ Apá Kìíní nìyẹn. Ìlà a ni ti ohun tó ṣekú pa wọ́n gan-an, ìlà b ni ti ohun tó fa a, ìlà c ló fa b, ìlà d ló fa c. Àìsàn mìíràn tó bá ikú náà lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí kò sí nínú ìtẹ̀léra yẹn, Apá Kejì ni ilé rẹ̀.

Ibi tí fáìlì ti ń ṣi èèyàn lọ́nà ni pé ọjọ́ tí a rí nǹkan ni a fi ń kọ ọ́ síbẹ̀, kì í ṣe bí ọ̀kan ṣe bí èkejì. Nọ́ọ̀sì alẹ́ kọ ti alẹ́, ìwọ kọ ti òwúrọ̀, dókítà kílíníìkì ti kọ tirẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Nítorí náà, má tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù. Mú bébà lásán, kọ àìsàn kọ̀ọ̀kan sí i, kí o sì kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí mi, tí o ti yọ orúkọ kúrò lórí rẹ̀, tó fún iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gé díẹ̀ nínú pírósítéètì bàbá lọ yẹ̀ wò, tí èsì sì sọ pé adẹ́nòkàsìnómà ni. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, ẹ́síréè sì fi hàn pé jẹjẹrẹ náà ti ràn dé eegun ẹ̀yìn. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ẹsẹ̀ méjèèjì rọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó kú ni egbò yọ ní ìdí, ó jìn, ó ń yọ ọyún. Ọjọ́ márùn-ún tó gbẹ̀yìn ni ara gbóná jáì, ìfúnpá já wálẹ̀, láàbù sì rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ti wà níbẹ̀ láti ọdún 12, ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún 15.

Wò ó báyìí, ọkàn tó dáṣẹ́ dúró kò sí lórí bébà yẹn, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kú tí ọkàn rẹ̀ kò dáṣẹ́ dúró. Bí ikú ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe ohun tó fà á. Bákan náà ni “èémí kò lọ mọ́”. Bí o bá fi èyíkéyìí nínú wọn sí ìlà a, o ti fi ìlà kan ṣòfò lórí ohun tí gbogbo wa mọ̀, ìlà náà kò sì pọ̀ tí a ó fi máa ṣòfò.

Ibi tó kàn ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí. Nínú gbogbo ohun tó kù lórí bébà, wá èyí tí kò sí òmíràn tó fà á, tí àwọn yòókù sì tinú rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ háòsì ọ́fíísà máa ń sáré mú èyí tó pẹ́ jù lára aláìsàn. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, ẹ̀jẹ̀ ríru lo máa mú, torí òun ni ọdún rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bi í léèrè: ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú jẹjẹrẹ dé eegun ẹ̀yìn? Rárá. Ṣé òun ló mú ẹsẹ̀ rọ? Rárá, kì í ṣe rọpárọsẹ̀ ló ṣe bàbá. Nígbà náà, kò lè wà ní ìdí ìtẹ̀léra yìí, bó ti wù kó pẹ́ tó. Jẹjẹrẹ ni ìbéèrè náà bá mu. Òun ló ràn dé eegun ẹ̀yìn, tó fún okùn iṣan tó wà nínú eegun náà pa, tí ẹsẹ̀ fi rọ. Nítorí ẹsẹ̀ rọ, bàbá kò lè yí ara dà, egbò fi yọ. Inú egbò yẹn ni kòkòrò gbà wọ ẹ̀jẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi kọ fọ́ọ̀mù náà, ṣùgbọ́n bó ṣe máa rí nìyí:

Apá Kìíní
a. Kòkòrò àìsàn tó wọ ẹ̀jẹ̀: ọjọ́ 5
b. Egbò ìdùbúlẹ̀ ní ìdí, tó ti kó kòkòrò: ọ̀sẹ̀ 6
c. Ẹsẹ̀ méjèèjì tó rọ, látàrí jẹjẹrẹ tó ràn dé eegun ẹ̀yìn: oṣù 4
d. Adẹ́nòkàsìnómà pírósítéètì: ọdún 3

Apá Kejì
Ìtọ̀ ṣúgà: ọdún 12

Ka Apá Kìíní láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí o máa fi “ló fa” sáàárín: d ló fa c, c ló fa b, b ló fa a. Bí o bá dé ibì kan tí ahọ́n rẹ kọ́, tí o ní láti ṣàlàyé kí ó tó ṣeé gbà, ohun kan ń bẹ níbẹ̀ tí kò sí ní àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo òpó àkókò tó wà lápá ọ̀tún. Ó gbọ́dọ̀ máa gùn sí i bí o ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, tàbí kó dọ́gba. Bí ìlà c bá jẹ́ oṣù mẹ́rin, tí d wá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ ti ṣáájú ìyá nìyẹn. Àkókò náà kò ní kó jẹ́ géẹ́ bí ọjọ́ ìbí. “Bí ọdún mẹ́ta” tó, tí o kò bá sì rí i nínú fáìlì, tí ẹbí náà kò mọ̀ ọ́n, kọ pé a kò mọ̀ ọ́n. Má fi í sílẹ̀ lófìfo, má sì fọwọ́ ara rẹ dá a.

O ó rí i pé ìlà c gba nǹkan méjì, mo sì fi “látàrí” so wọ́n pọ̀. Ìlà ni kò tó. A máa ń gbà á bẹ́ẹ̀ dípò kí a sọ ọ̀kan nù. Àwọn fọ́ọ̀mù àtijọ́ tilẹ̀ ní ìlà mẹ́ta péré. Ìgbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ẹ̀dà kẹwàá ìtòsílẹ̀ àìsàn rẹ̀ jáde ni ìlà kẹrin wọlé. Bí ìwé tí ẹ ń lò bá ṣì jẹ́ ti ìlà mẹ́ta, fa ìlà kan sí i fúnra rẹ. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí o ti jẹjẹrẹ sí Apá Kejì nítorí pé àyè kò sí lókè.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìyẹn ni pé ìlà tó kẹ́yìn ní Apá Kìíní ni ẹni tó ń sọ ikú di nọ́ńbà máa ń wò. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá lè bí gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀, òun ni wọ́n máa mú gẹ́gẹ́ bí ìdí ikú. Bí egbò ìdí bá wà ní ìsàlẹ̀, egbò ìdí ló pa bàbá nínú ìṣirò, jẹjẹrẹ pírósítéètì sì ti pàdánù ọ̀kan nínú àwọn tó pa. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà níbẹ̀, wọ́n máa rí i pé kò lè bí egbò, wọ́n á wá máa fi òfin tiwọn wá ohun tí ìwọ ìbá ti sọ fún wọn.

Orúkọ tún ń ba ìwé yìí jẹ́. “Jẹjẹrẹ” nìkan kò tó. Sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, irú èyí tó jẹ́ bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, àti ibi tó ràn dé. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ “jẹjẹrẹ eegun” sí fún irú bàbá yìí, nítorí pé ìrora eegun ni gbogbo èèyàn ń gbọ́. Ẹni tó bá kà á máa gbà pé inú eegun ló ti ṣẹ̀. Má sì gé ọ̀rọ̀ kúrú. Lẹ́tà MI tí ẹ máa ń kọ ní wọ́ọ̀dù lè jẹ́ ẹran ọkàn tó kú, ó sì lè jẹ́ ìlẹ̀kùn ọkàn tó ń jò.

Ní ti Apá Kejì, mo fi ìtọ̀ ṣúgà síbẹ̀ nítorí pé fáìlì sọ pé ṣúgà kò rọlẹ̀ rárá ní oṣù tó kẹ́yìn, a sì mọ bí ìyẹn ṣe ń dí egbò lọ́wọ́ àtijinná, tó sì ń fàyè gba kòkòrò. Kò fa egbò, ó bá a lọ́wọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo yọ. Oògùn ká a, kò ba kíndìnrín jẹ́, kò ba ọkàn jẹ́. Dókítà mìíràn lè fi í síbẹ̀, n kò ní bá a jà. Ibà ńkọ́? Àyẹ̀wò kíákíá sọ pé ibà wà ní ọjọ́ tí bàbá wọlé, ṣùgbọ́n fíìmù ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kan náà kò rí nǹkan. Àyẹ̀wò kíákíá yẹn lè máa sọ pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa á. Kí ibà má bàa gba ikú oníkú, mo yọ ọ́.

Bí àwọn ọmọ bá ní kí o má kọ jẹjẹrẹ nítorí ojú ayé, fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn pé a kì í ka ìwé yìí níbi jànásà. Ọ̀dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn ni ẹ̀dà rẹ̀ ń lọ fún ìforúkọsílẹ̀ ikú. Má yí i. Ìkánjú wọn tọ́, ẹ̀tọ́ òkú ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ bébà lásán tí mo sọ yẹn kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tó máa yí gbogbo èyí padà. Ká ní kì í ṣe jẹjẹrẹ ló mú ẹsẹ̀ bàbá rọ, ká ní wọ́n já bọ́ lórí ọ̀pẹ ni, tàbí ọ̀kadà gbá wọn lọ́nà Ọ̀mù-Àrán, egbò ìbá ṣì yọ, kòkòrò ìbá ṣì wọ ẹ̀jẹ̀, ìlà a àti b kò ní yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣubú tàbí ìjàǹbá náà ló máa wà ní ìsàlẹ̀, oṣù mélòó tó wù kó ti kọjá. Irú ikú bẹ́ẹ̀ kúrò ní ohun tí ìwọ nìkan ń fọwọ́ sí. Ọ̀gá rẹ ni wàá kọ́kọ́ sọ fún, kí wọ́n fi tó ọlọ́pàá àti kọ́rónà tó ń ṣèwádìí ikú létí kí òkú tó kúrò ní mọ́ṣúárì.

Èyí tí ọ̀gá rẹ dá padà, má ṣe fi ọ̀dà funfun pa á, má sì kọ òmíràn lé e lórí. Fa ìlà sọdá rẹ̀, kọ pé a ti fagi lé e, fọwọ́ sí i pẹ̀lú déètì, fi í sílẹ̀ nínú ìwé, kí o wá kọ tuntun sí ojú ewé tó tẹ̀ lé e.