Ṣé ọ̀rọ̀ ìgboro ń ba èdè jẹ́ ni, àbí ó ń bù kún un?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa èdè, ìdíje àríyànjiyàn wa ku ọ̀sẹ̀ kan. Orí ọ̀rọ̀ náà ni "Ọ̀rọ̀ ìgboro ń ba èdè jẹ́." Èmi ni mo máa ta kò ó, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n sì fún mi. Kí ni kí n sọ?

Ìdáhùn: Má ṣe kó àpẹẹrẹ mẹ́wàá lọ síbẹ̀. Ẹyọ kan tí o tú délẹ̀ ló ń wọ adájọ́ létí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìtàn orí àti ìkòkò nínú èdè Látìn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, báyìí ni n ó ṣe sọ ọ́:

"Alága ọ̀wọ̀n, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣe ojúsàájú, olùṣọ́ àkókò, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó.

Ní Róòmù àtijọ́, caput ni wọ́n ń pe orí. Testa ní tirẹ̀ ni ìkòkò amọ̀ tàbí àpáàdì. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pe orí ní testa. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Ṣùgbọ́n àwàdà náà pẹ́ lẹ́nu, ó ti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ, títí tí kò fi pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́. Lónìí, testa ni ará Ítálì ń pe orí. Tête, tó ti inú ọ̀rọ̀ kan náà wá, ni ará Faransé ń pè é. Dókítà ń lò ó, adájọ́ ilé ẹjọ́ ń lò ó, ìkòkò kò sì sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Caput ńkọ́? Kò kú. Ó di chef lẹ́nu àwọn ará Faransé, ìyẹn olórí àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà tẹ́lẹ̀, ó wá di méjì: ọ̀kan fún orí tó wà lọ́rùn, ọ̀kan fún ẹni tó ń darí. Ẹ̀yin alátakò mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibi tó ti bàjẹ́ hàn mí.

Ní 1710, òǹkọ̀wé Jonathan Swift fárígá lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó bínú sí mob, tí wọ́n gé kúrú láti ara mobile vulgus, ìyẹn ogunlọ́gọ̀ tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan. Ó bínú sí pozz náà, tí wọ́n gé kúrú láti ara positive, ìyẹn ohun tó dájú. Ó ní òun ti sa gbogbo ipá òun láti dá mob dúró, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn borí òun. Mob ṣì wà títí dòní, ó sì ti di ọ̀rọ̀ gidi. Pozz ti pòórá, láìsí ẹni tó lé e. Àwọn tó ń sọ èdè fúnra wọn ló yọ ohun tí wọn kò nílò dànù."

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí nìyẹn. Alátakò rẹ máa sọ pé àwọn ọmọ ń kọ ọ̀rọ̀ ìgboro sínú ìdánwò. Gbà fún un, òótọ́ ni, má sì jà á. Ẹni tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ṣì í lò ni. Ibi tí kò yẹ ló gbé e sí, bí ẹni wọ aṣọ eré lọ síbi òkú. Kò sí ohun tó ṣe aṣọ náà.

Bí wọ́n bá wá ní ọ̀rọ̀ ìgboro ń ba gírámà jẹ́, mú jápa wá fún wọn. Òfin èdè Yorùbá ló ń tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A ń sọ pé "ó ti jápa," a ń sọ pé "wọn kò tíì jápa." Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, a ó pe kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, a ó fi fáwẹ̀lì í sí àárín wọn: jíjápa, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rí jíjẹ láti ara jẹ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ ìgboro níyẹn, gírámà tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ ló ṣe é. Èdè tó ń kú lóòótọ́, ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé àwọn ọmọdé kò sọ ọ́ mọ́, ibi tí kò bá sì sí ọ̀dọ́ tó ń sọ ọ́, ta ni yóò dá ọ̀rọ̀ ìgboro sílẹ̀ nínú rẹ̀?

Kà á sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Pe tête bíi tẹ́ẹ̀tì, kí o pe chef bíi ṣẹ́ẹ̀fù. Bí àkókò bá fẹ́ tán, yọ Swift kúrò, ṣùgbọ́n má ṣe yọ ìtàn ìkòkò.