Oògùn Tí Ẹ Kò Lò Ló Bí Èyí Tó Ń Dà Yín Láàmú

*Àǹtí, ẹni ọdún 54 ni mí, mo ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó tó oṣù mẹ́jọ tí nǹkan ọkùnrin mi kò dúró dáadáa mọ́. Ìyàwó mi ní mo ti ní obìnrin níta, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ kọjá ẹ kú àárọ̀. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru láti 2023. Amilodipíìnì nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Wọ́n fi kún un nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà ní 164 lórí 100, ni wọ́n bá tún fi atẹnọlọ́ọ̀lù àti haidirokilorotayasáìdì sí i. Mo máa ń sinmi oògùn láti Ọjọ́bọ̀ di Àìkú nítorí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó ń pa agbára ọkùnrin, ṣùgbọ́n bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta kí n lọ ọsibítù, mo máa ń lò ó pé. Lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fún mi ní sẹtiralíìnì nítorí ìrònú. Mo ti lo àgbo, mo ti ra oògùn búlúù. Báwo ni mo ṣe lè mú kí ìyàwó mi gbà pé n kò ṣe ìṣekúṣe? — Baálé Tí Ọ̀rọ̀ Sú*

Ẹ ń sinmi oògùn! Gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ fi bò ó mọ́lẹ̀, ẹ wá ń bi mí léèrè ìyàwó. Irú lẹ́tà yìí kì í tán lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin á ro ẹjọ́ aya, á ro ẹjọ́ àna, àárín ẹjọ́ náà ni yóò ti dárúkọ oògùn tó ń lò lọ́tùn-ún tó ń jù sílẹ̀ lósì, á sì yára kọjá. Bọ̀dá, ibi tí ẹ sáré kọjá yẹn ni mo dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí amilodipíìnì. Kì í ṣe oògùn kíákíá. Ènìyàn ní láti lò ó lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó kún ara bó ṣe yẹ. Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ fi ń sáré gbé e mì kí ẹ tó lọ ọsibítù kò tó o rárá. Ẹ rò pé ẹ ń tan dókítà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ yín ò bá yín dọ́gbọ́n. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ yín lápá tó sì kọ 164 lórí 100 sínú káàdì, ohun tí dókítà rí níwájú rẹ̀ ni ọkùnrin tó ń lo oògùn lójoojúmọ́ tí oògùn kò ràn. Kí ni kó wá ṣe? Ó fi kún oògùn. Ẹ padà sílé, ẹ tún sinmi. Ẹ̀jẹ̀ tún ga. Ó wá mú oògùn méjì mìíràn wọlé.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Amilodipíìnì tí ẹ kọ́kọ́ ń sá fún kì í sábà yọ nǹkan ọkùnrin lẹ́nu. Àwọn méjì tó tẹ̀lé e gan-an ni wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀: atẹnọlọ́ọ̀lù tó ń dá ìsáré ọkàn dúró, àti haidirokilorotayasáìdì tó ń mú ni tọ̀. Ìbẹ̀rù oògùn tí kò ṣe yín ní nǹkan ló fà yín dé ọwọ́ àwọn tó lè ṣe yín ní nǹkan.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín tún ní ẹ̀bi tiwọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Àwọn dókítà kan ní Ítálì ṣe ìwádìí tó jáde ní 2003. Ọkùnrin 96 ni, gbogbo wọn ló lo atẹnọlọ́ọ̀lù, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Nínú 32 tí kò mọ oògùn tí wọ́n fún wọn, ẹnì kan ló ní nǹkan òun kò dúró mọ́. Nínú 32 tó mọ orúkọ oògùn náà àmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ ewu rẹ̀ fún, márùn-ún ni. Nínú 32 tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé ó lè pa nǹkan ọkùnrin lára, ó di mẹ́wàá. Oògùn kan náà ni o. N kò sọ pé irọ́ lẹ ń pa, bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé orí yín ni gbogbo rẹ̀ wà. Mò ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣeré nínú ṣọ́ọ̀bù náà wà lára ohun tó ń ṣe yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀, nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí nǹkan ọkùnrin tín-ín-rín ju ti ọkàn lọ, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ kó máa ga ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan kò bá yín tún nǹkan kan ṣe.

Ewu méjì tó wà nílẹ̀ báyìí ju ti orí ibùsùn lọ. Atẹnọlọ́ọ̀lù kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń já jù sílẹ̀ lójijì. Bí ẹ bá já a, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀ lọ, àyà lè fún yín, ẹ̀jẹ̀ lè ru sókè lẹ́ẹ̀kan, ọkàn ẹlòmíràn a sì dákú. Ẹ̀yin sì ń já a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ewu kejì ni pé dókítà yín wọn àwọn oògùn wọ̀nyẹn fún ọkùnrin tí ẹ fi hàn án, kì í ṣe fún ẹ̀yin gan-an. Bí ẹ bá gba ìbáwí mi ní àgbàjù, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la láti lo gbogbo wọn pé, ẹ̀jẹ̀ yín lè wálẹ̀ jù, kí òòyì máa kọ́ yín bí ẹ bá dìde lórí àga, kí ẹ ṣubú lé irin nínú ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ lọ. Bí ẹ bá ń lo atẹnọlọ́ọ̀lù lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń ka èyí, ẹ má sinmi rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Mo mọ̀ pé ojú á tì yín. Ìlẹ̀kùn dókítà kì í tì, èrò wà lórí bẹ́ǹṣì níta, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà dúró yí tábìlì ká, ọmọbìnrin tó lè jẹ́ ọmọ yín sì lè jẹ́ dókítà náà. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé láti ilé. Bí wọ́n bá pè yín wọlé, ẹ tẹ ìwé náà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú káàdì yín, kí ẹ sì ní ẹ fẹ́ kí ó kà á kó tó wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ohun tí ẹ ó kọ kò ju èyí lọ:

"Dókítà, n kò lo oògùn mi déédéé. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo máa ń fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀. Nǹkan ọkùnrin mi kò dúró mọ́ láti ìgbà tí ẹ fi atẹnọlọ́ọ̀lù àti oògùn ìtọ̀ kún un. Ṣé ìdí kan wà tí mo fi gbọ́dọ̀ máa lo méjèèjì, yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ríru? Bí kò bá sí, kí ni a lè fi rọ́pò wọn?"

Ẹ má yọ ìbéèrè tó wà láàárín yẹn kúrò. Bí wọ́n bá rí àìsàn mìíràn lọ́kàn yín, bí àyà tó ń fún tàbí ọkàn tó ń lù ségesège, atẹnọlọ́ọ̀lù lè jẹ́ ohun tó ń dá ẹ̀mí yín sí, kò sì ní ṣeé mú kúrò. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni, ọ̀nà pọ̀. Ó ṣeé ṣe kí dókítà ní kí ẹ lo amilodipíìnì lójoojúmọ́ ní tòótọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó máa dín atẹnọlọ́ọ̀lù kù díẹ̀díẹ̀, kó sì rí i pé àwọn tó fi kún un kò pọn dandan láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ga, ẹ bi í bóyá lọsatáànì lè dúró ti amilodipíìnì dípò oògùn ìtọ̀. Lọsatáànì kì í sábà ṣe nǹkan ọkùnrin ní ibi. Lóòótọ́, bó bá dá nìkan wà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ẹ̀jẹ̀ ríru àwa adúláwọ̀, ìdí nìyẹn tó fi nílò ẹnìkejì. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, jáde ní 2019. Wọ́n so amilodipíìnì pọ̀ mọ́ perindopíìlì, oògùn tó fara jọ lọsatáànì, wọ́n sì rí i pé ó mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ bákan náà bí ìgbà tí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ oògùn ìtọ̀. Nítorí náà kì í ṣe ojú rere lẹ ń tọrọ. Bí wọ́n bá sì ní atẹnọlọ́ọ̀lù kò ṣeé mú kúrò pátápátá, ẹ béèrè nẹbifolọ́ọ̀lù, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ nǹkan ọkùnrin lẹ́nu. Owó rẹ̀ ga jù ú lọ, kí ẹ mọ̀.

Ti sẹtiralíìnì yàtọ̀. Àwọn oògùn ìrònú irú rẹ̀ lè mú kí nǹkan má dúró, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n máa ń ṣe jù ni pé wọ́n ń pa ìfẹ́ obìnrin kú lọ́kàn, tàbí kí ọkùnrin máa bá a lọ kó má sì parí. Ẹ fi èyí yẹ ara yín wò. Bí ìfẹ́ bá wà àmọ́ tí nǹkan kò le, tí kò sì dúró lówùúrọ̀ bí ẹ bá jí, ẹ fura sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí òpó ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá le, tí ẹ kò kàn rí ìparí rẹ̀, ẹ fura sí sẹtiralíìnì. Oògùn bíi mitasapíìnì wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ dókítà pé kó má pa sẹtiralíìnì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dà lẹ́ẹ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ara lè yá kí ẹ má mọ ohun tó mú un yá. Ẹ má sì já a fúnra yín. Orí á máa fò yín, oorun á dà rú, ìbànújẹ́ ẹ̀gbọ́n yín á sì tún padà wá bá yín lójú méjèèjì.

Ẹ fún ìyípadà kọ̀ọ̀kan ní oṣù kan sí méjì. Bí kò bá yí padà, ẹ ní kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín, nítorí òun náà máa ń fà á.

Oògùn búlúù kì í ṣe ọ̀tá, dókítà fúnra rẹ̀ lè kọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fún yín ní oògùn abẹ́ ahọ́n fún àyà dídùn rí, ẹ kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án, ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ pátápátá kó sì pa yín. Àwọn kan sì ń lọ̀ ọ́ mọ́ àgbo tí wọ́n ń tà fún yín láìsọ, nítorí náà ẹ gbé ike àgbo náà dání lọ bá dókítà pẹ̀lú gbogbo káàdì oògùn yín.

Ìyàwó yín ńkọ́? Ẹ fi ìwé tí ẹ kọ fún dókítà hàn án kí ẹ tó jáde nílé, kí ó sì bá yín lọ.