Ìrẹsì ò dín, ẹ̀wà ló pọ̀ sí i: ìpààrọ̀ dà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Gwagwalada ni mo ti ń ka ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń ya ₦24,000 sọ́tọ̀ lóṣù fún ẹ̀wà àti ìrẹsì. Nígbà tí mudu ẹ̀wà jẹ́ ₦3,000, mudu 4 ló ń rà, pẹ̀lú ìrẹsì mudu 6 ní ₦2,000. Ẹ̀wà wá já wálẹ̀ sí ₦2,000, ó ra 6, ìrẹsì ṣì jẹ́ 6. Ṣé kò sí ipa ìpààrọ̀ níbẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ó wà, ipa kejì ló bò ó mọ́lẹ̀. Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́lẹ̀, kó tó mú mudu ẹ̀wà kan, ó ní láti fi mudu ìrẹsì kan àtààbọ̀ sílẹ̀. Ní báyìí, ọ̀kan fún ọ̀kan ni. Ìyẹn nìkan tó láti mú un yíjú sí ẹ̀wà. Èkejì, ₦24,000 kan náà ti lágbára ju ti àná lọ, àfi bí ẹni pé wọ́n bá a fi owó lé e.

Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, gba àlékún yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Ẹrù àtijọ́, ẹ̀wà 4 àti ìrẹsì 6, ti di ₦20,000, nítorí náà ₦4,000 ni wàá gbà: mudu 4 àtijọ́ lọ́nà ₦1,000 tó já. Ibí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà jù. Wọ́n á fi mudu 6 tuntun ṣírò, wọ́n á gba ₦6,000, owó tó kù ò sì ní lè ra ẹrù àtijọ́ mọ́. Ó gbọ́dọ̀ rà á gẹ́ẹ́, láìṣẹ́kù.

Kí ló máa fi ₦20,000 rà? Iye tí o kọ fi hàn pé ìdajì-ìdajì ló ń pín owó rẹ̀, kí ẹ̀wà tó já àti lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀wà 5, ìrẹsì 5. Ìrẹsì ti dín! Ìpààrọ̀ tí ò ń wá nìyẹn: mudu ẹ̀wà kan wọlé, ti ìrẹsì kan jáde. Wá dá ₦4,000 rẹ̀ padà. Ẹ̀wà á di 6, ìrẹsì náà á gun padà sí 6. Mudu ẹ̀wà kejì yìí ni ipa owó, òun náà ló sì dá ìrẹsì padà sí ibi tó wà.

Pé ẹ̀wà pọ̀ sí i nígbà tí owó padà ló fi hàn pé ọjà tí èèyàn ń rà sí i bí owó bá gbòòrò ni lójú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ipa méjèèjì fi gba ọ̀nà kan náà. Ká ní ẹ̀wà dín, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n má gbàgbé pé kò sí ọjọ́ tó fi ₦20,000 nájà lóòótọ́. Láti inú bó ṣe ń pín owó la ti fa 5 yẹn yọ. Bí o bá lè bi í, bi í.

Ọ̀nà Slutsky, ti 1915, ni mo lò. Bí olùkọ́ rẹ bá fẹ́ ti Hicks, kì í ṣe ẹrù àtijọ́ la ó dá padà fún un, ìtẹ́lọ́rùn àtijọ́ ni. Nítorí pé ẹ̀wà 5 àti ìrẹsì 5 tẹ́ ẹ lọ́rùn díẹ̀ ju ẹrù àtijọ́ lọ, owó tí wàá gbà á lé díẹ̀ ní ₦4,400. Bí ẹ̀wà àti ìrẹsì bá ṣe pàtàkì bákan náà lójú rẹ̀, ẹ̀wà á dúró ní nǹkan bí 4.9: ìpààrọ̀ 0.9, owó 1.1.