Fótò ìsìnkú tó wúwo jù fún ímeèlì

"Ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀yin ará wa, mo to fótò Màmá wa sórí PowerPoint fún ìsìnkú wọn n'Íjẹ̀bú-Òde, ó ti di 187 MB, ímeèlì ò gbà á. Àbúrò mi tó máa gbé e sórí pùrójẹ́kítọ̀ ní dátà òun ò lè fa gbogbo ìyẹn. Báwo ni mo ṣe máa dín in kù tí ojú Màmá ò fi ní di bàìbàì?"

Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, ẹ̀yìn Màmá á dára. Èmi náà to ti bàbá wa lọ́dún tó kọjá, 164 MB ló jẹ́ nígbà tí mo parí ẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Ọjọ́rú ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́, àìsùn sì di Ọjọ́bọ̀, ni ímeèlì bá dá a padà. Ó padà di 12 MB, kò sì sẹ́ni tó mọ ìyàtọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀nà tí mo gbà ni màá sọ fún yín, pẹ̀lú ibi tí mo ti ṣìnà kí ẹ̀yin má baà gba ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kó wúwo. Fótò tí ọ̀pọ̀ fóònù ń yà báyìí jẹ́ 4032 × 3024 píksẹ̀lì, ẹyọ kan ṣoṣo lè tó 3 sí 5 MB. Pùrójẹ́kítọ̀ tó dáa tí wọ́n ń gbé wá sóde, 1920 × 1080 ló lè tàn sára ògiri, òmíì ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo píksẹ̀lì tó lé ní ti pùrójẹ́kítọ̀ kò lè hàn sójú ẹnikẹ́ni, ẹrù lásán ni. Tí ẹ bá sì fa igun fótò náà kó lè kéré lórí sílàìdì, kò dín in kù rárá, ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn ká aṣọ òkè sínú báàgì, aṣọ yẹn ṣì pé síbẹ̀. Ẹ má sì wulẹ̀ fi síìpù dì í, torí fáìlì .pptx fúnra ẹ̀ síìpù ni, fótò inú ẹ̀ sì ti fúnpọ̀ látilẹ̀, bóyá lẹ fi máa rí 1 MB gbà níbẹ̀.

Ẹ ṣe kọ́pì kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kẹ́ ẹ fún un lórúkọ míì, torí ohun tá a fẹ́ yọ yìí, tẹ́ ẹ bá ti séèfù tẹ́ ẹ sì ti pa fáìlì dé, kò sí bí ẹ ṣe máa dá a padà. Èyí tó wúwo yẹn á wà lọ́dọ̀ yín, ẹ lè nílò rẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú.

Lórí láptọ́ọ̀pù tí PowerPoint wà lórí ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe lórí fóònù. Ẹ tẹ fótò kan, èyíkéyìí, ẹ máa rí Picture Format lókè, ẹ wọ ibẹ̀, ẹ tẹ Compress Pictures. Àpótí kékeré kan á jáde. Wọ́n ti fi àmì sí Apply only to this picture, ẹ yọ àmì yẹn kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fótò kan ṣoṣo yẹn lẹ máa dín kù tí ẹ ó wá máa rò pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi àmì sí Delete cropped areas of pictures. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá mú ìwọ̀n, ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí.

Ẹ máa rí E-mail (96 ppi), ẹ máa rí Web (150 ppi), ẹ tún máa rí Print (220 ppi). Iye píksẹ̀lì tó máa wà nínú íńṣì kan ni ppi. Torí pé ímeèlì la fẹ́ fi ránṣẹ́, ọwọ́ yín á fẹ́ lọ síbi tí wọ́n kọ E-mail sí. Ẹ má mú un. Sílàìdì tó fẹ̀ fẹ̀ íńṣì 13.33, tẹ́ ẹ bá fi 96 ṣe é, fótò tó kún sílàìdì á di nǹkan bí 1280 píksẹ̀lì ní fífẹ̀, pùrójẹ́kítọ̀ á wá máa na 1280 yẹn dé 1920. Fótò tí Màmá dá jókòó sí lè fara dà á, àmọ́ fótò ẹbí tí èèyàn 30 dúró sí, ojú kóówá ò ju bí ẹyọ àgbàdo lọ nínú ẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa rí bàìbàì tẹ́ ẹ̀ ń sá fún yẹn. Tẹ́ ẹ bá mú Web (150 ppi), á fún yín ní 2000, ìyẹn tó ohun tí ògiri lè gbà. Ẹ mú un, ẹ tẹ OK, ẹ séèfù.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í sọ fúnra ẹ̀. Bí fótò ṣe tóbi tó lórí sílàìdì lásìkò tẹ́ ẹ tẹ OK ló fi ń ṣírò 150 yẹn. Ká ní fótò Màmá àti Bàbá níbi ìgbéyàwó wọn wà ní igun kan, íńṣì 3 péré, 450 píksẹ̀lì ló máa ṣẹ́kù nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá rò ó lọ́la pé kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ kó kún sílàìdì, ẹ̀yin náà ti mọ bó ṣe máa rí. Nítorí náà ẹ parí títò pátápátá, kí àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n tó máa ń ní "ẹ gbé tèmi síwájú" sọ tiwọn tán, kẹ́ ẹ tó wá tẹ Compress Pictures.

Ti Delete cropped areas yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n nìkan. Tẹ́ ẹ bá gé fótò lórí PowerPoint, ibi tẹ́ ẹ gé kúrò ò lọ síbì kankan, ó fara pa mọ́ ni. Ẹni tó bá gba fáìlì náà lè tẹ Crop kó sì fà á jáde padà. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń gé fótò àgbàlagbà látinú ojú ewé pásípọ́ọ̀tù wọn torí pé ibẹ̀ lojú wọn ti mọ́ jù, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù àti ọjọ́ ìbí ṣì wà lẹ́yìn fótò yẹn. Fáìlì ìsìnkú sì máa ń ti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ kó gé e dànù.

Nígbà tí mo ṣe gbogbo ìyẹn sí ti bàbá wa, 164 bọ́ sí 26 MB. Inú mi dùn, mo fi sínú Gmail, ni Gmail bá sọ ọ́ di línkì Google Drive fúnra ẹ̀ torí pé 25 MB ni wọ́n ń gbà. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ eléyìí, 25 yẹn gan-an ò pé 25. Ímeèlì máa ń yí fáìlì padà sí lẹ́tà àti nọ́ńbà kó tó gbé e rìn, ìyẹn sì máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún ìwúwo ẹ̀. Fáìlì 20 MB á di nǹkan bí 27 lójú ọ̀nà. Ibi tọ́kàn mi ti balẹ̀ ni 15 MB sísàlẹ̀.

Kí ló wá mú kó dúró sí 26? Mo ṣe kọ́pì fáìlì náà, mo yí ìparí orúkọ kọ́pì yẹn láti .pptx sí .zip, mo ṣí i bí fóódà, mo wọ ppt, mo wọ media. Gbogbo fótò inú sílàìdì ló tò síbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kálukú. (Tí ẹ ò bá rí .pptx lẹ́yìn orúkọ fáìlì lórí Windows 11, ẹ wọ View, ẹ wọ Show, ẹ fi àmì sí File name extensions.) Mo ní kó fi ìwọ̀n tò wọ́n, ohun tí mo rí rèé:

```
image7.png    5.2 MB
image19.png   4.9 MB
image8.png    4.7 MB
image22.jpeg  0.5 MB
```

Fótò 32 tí fóònù yà, gbogbo wọn lápapọ̀ ò ju 11 MB lọ mọ́. Fótò 3 péré ló kó 15. Fótò ẹbí àtijọ́ ni àwọn 3 yìí, èyí tí mo fi skánà gbé látinú álíbọ́ọ̀mù, skánà yẹn sì ń tọ́jú wọn sí PNG. PNG kì í sọ ẹyọ kan nù nínú ohun tó bá wà lójú fótò, gbogbo ẹ̀gbin àti ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lára bébà àtijọ́ ló ń kó pamọ́. Compress Pictures dín píksẹ̀lì wọn kù lóòótọ́, àmọ́ ó fi wọ́n sílẹ̀ ní PNG, ìdí tí wọ́n fi wúwo nìyẹn.

Bí mo ṣe tún un ṣe rèé. Mo fi bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún tẹ fótò náà, mo mú Save as Picture, níbi tí wọ́n ti ń bèèrè irú fáìlì mo yan JPEG. Mo tún tẹ ọwọ́ ọ̀tún lé fótò kan náà, mo mú Change Picture, mo gbé JPEG yẹn wọlé. Ẹ má pa ti àtijọ́ rẹ́ kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i o, Change Picture ló máa jẹ́ kó jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tó wà. Kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹyọ kan bọ́ láti 5 MB sí nǹkan bí 0.4, gbogbo ẹ̀ di 12 MB, ó lọ. PNG kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, ìyẹn èyí tí wọ́n ti gé ẹ̀yìn fótò kúrò, tí Màmá nìkan dúró lórí àwọ̀ sílàìdì. Tẹ́ ẹ bá sọ ìyẹn di JPEG, àwọ̀ funfun tàbí dúdú á yí wọn ká bíi férémù.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kúkú fi línkì ránṣẹ́ ò ro ti dátà mọ́ ọn, àbúrò yín ló ṣì máa fi dátà ẹ̀ fa 187 MB jáde lára línkì yẹn. Dídín in kù náà ló máa ràn án lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dín in kù, ẹ tẹ F5, ẹ wò ó ní kíkún ojú láptọ́ọ̀pù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kẹ́ ẹ dúró dáadáa síbi fótò tí èrò pọ̀ sí. Tó bá ku ẹyọ kan tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tún ẹyọ yẹn gbé wọlé látinú èyí tó wúwo, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, 3 MB kan ò ní pa fáìlì lára.

Ẹ tún wọ File, Options, Save, kẹ́ ẹ fi àmì sí Embed fonts in the file, kẹ́ ẹ mú èyí tí wọ́n kọ Embed only the characters used sí. Á fi díẹ̀ kún ìwọ̀n, àmọ́ ó tọ́ sí i. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n máa lò nílé lè má ní irú lẹ́tà tẹ́ ẹ fi kọ oríkì Màmá, tó bá sì fi òmíì rọ́pò ẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ lè lọ jókòó síbi tí kò yẹ, lójú gbogbo ẹbí.

Ẹ ṣí fóódà media yẹn lálẹ́ òní. Tẹ́ ẹ bá bá .mp4 tàbí .wav tó tóbi níbẹ̀, ìyẹn fídíò tàbí orin, Compress Pictures ò ní fọwọ́ kàn án, ẹ kọ orúkọ àti ìwọ̀n ẹ̀ síbí, màá dá yín lóhùn kílẹ̀ tó mọ́.